Àjèjì Mélòó Ló Wà ní Côte d'Ivoire? Àgbéyẹ̀wò Àtẹ Ìkànìyàn Kan àti Ohun Tí Wọ́n Ń Fi Jiyàn

Ẹni méjì lè jókòó ti àtẹ kan náà, kí ọ̀kan fi sọ pé àwọn àjèjì ń pọ̀ sí i ní Côte d'Ivoire, kí èkejì sì fi sọ pé wọ́n ń dín kù, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì purọ́. Ní Àbíjàn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ó wà lára ohun tó dá wàhálà ìṣèlú sílẹ̀ níbẹ̀ ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó wà lára ohun tó fa ogun, ó sì kan àwọn èèyàn wa láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Treichville àti Adjamé láti ìran dé ìran. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ ka àtẹ ìkànìyàn náà ní ìlà-ìlà, kí a wo ohun tó lè jẹ́rìí sí àti ohun tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìkànìyàn gbogboogbò márùn-ún ni orílẹ̀-èdè náà ti ṣe láti ìgbà tó ti gba òmìnira ní 1960. Mo ti gé àwọn nọ́ńbà náà kúrú kí wọ́n má baà rú wa lójú, nítorí náà mílíọ̀nù ni òpó kejì àti ìkẹta fi ń sọ̀rọ̀.

| Ọdún | Gbogbo ènìyàn (mílíọ̀nù) | Àjèjì (mílíọ̀nù) | Àjèjì nínú ọgọ́rùn-ún |
|---|---|---|---|
| 1975 | 6.7 | 1.5 | 22 |
| 1988 | 10.8 | 3.0 | 28 |
| 1998 | 15.4 | 4.0 | 26 |
| 2014 | 22.7 | 5.5 | 24 |
| 2021 | 29.4 | 6.5 | 22 |

Ẹni tó ní àwọn àjèjì ń pọ̀ sí i, òpó kẹta ló dì mú. Láti mílíọ̀nù 3 ní 1988, wọ́n di mílíọ̀nù 6.5 ní 2021, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó ní wọ́n ń dín kù, òpó kẹrin ló gbà mọ́ra: 28 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1988, 22 ní 2021. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ ìbéèrè kan náà kọ́ ni wọ́n ń dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti iye ilé ìwé tí a ní láti kọ́ tàbí iye ibùsùn tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn, òpó kẹta ni ká wò, nítorí orí ènìyàn ló ń jókòó sórí àga, kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ pé ṣé àwọn àjèjì fẹ́ borí onílẹ̀, òpó kẹrin nìkan ló lè dá sí i. Ohun tó ń ba àríyànjiyàn jẹ́ ni pé ènìyàn á mú nọ́ńbà láti òpó kẹta, á wá fi dáhùn ìbéèrè tó jẹ́ ti òpó kẹrin. “Wọ́n ti di mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ wa!” Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé mélòó ni gbogbo wa.

Àrékérekè kejì wà níbi tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bẹ̀rẹ̀ ní 1975 kí o dúró ní 1988, àjèjì fò sókè láti 22 sí 28. Bẹ̀rẹ̀ ní 1988 kí o dúró ní 2021, wọ́n já bọ́ láti 28 sí 22. Bẹ̀rẹ̀ ní 1975 kí o dúró ní 2021, kò sí ohun tó yí padà rárá, 22 ni, 22 náà ni. Àtẹ kan ṣoṣo nìyẹn, ìtàn mẹ́ta. Bí mo bá rí àpilẹ̀kọ tó dárúkọ ọdún méjì péré nínú márùn-ún, tí kò sì sọ ìdí tó fi yan àwọn méjì náà, mo máa ń fura. Ọdún 1988 ni òkè téńté gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fi í ṣe ìpìlẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ rí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí 1998, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Lọ́dún náà, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Henri Konan Bédié, tí ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ gidi ti gba gbogbo ẹnu kan, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọrọ̀-ajé àti àwùjọ gbé ìjábọ̀ kan jáde lórí àwọn tó ń ṣí wọ orílẹ̀-èdè náà. Ìjábọ̀ náà sọ pé iye àjèjì ti kọjá ibi tí ènìyàn lè fara dà, pé ó tilẹ̀ ti kọjá rẹ̀ jìnnà. Nọ́ńbà kún inú rẹ̀. Ẹ rántí pé èsì ìkànìyàn 1998 kò tíì jáde nígbà náà. Àtẹ 1988 àti ìdíwọ̀n tí wọ́n gbé lé e lórí ni wọ́n ní lọ́wọ́. Nígbà tí èsì tuntun dé, ìdá àwọn àjèjì ti sọ̀ kalẹ̀ láti 28 sí 26. Ìgbà tí ariwo náà ń lọ sókè gan-an ni ìdá ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń pariwo kò rí i, nítorí iye orí ṣì ń ga.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ àtẹ yìí dáadáa kò gbọdọ̀ tètè yọ̀ lórí 26 náà. Kí ló mú un sọ̀ kalẹ̀? Ṣé àwọn àjèjì kó ẹrù wọn lọ ni? Rárá o, wọ́n fi mílíọ̀nù kan pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló sáré jù wọ́n lọ. Ibi tí àtẹ náà kò kọ nǹkan sí la ti máa ṣírò rẹ̀, torí kò sí òpó fún ọmọ onílẹ̀: àwa fúnra wa la máa yọ àjèjì kúrò nínú gbogbo ènìyàn. Ní nọ́ńbà tó kún díẹ̀, 10,815,694 ni gbogbo ènìyàn ní 1988, àjèjì jẹ́ 3,039,037. Ó ku nǹkan bí mílíọ̀nù 7.78. Ní 1998, 15,366,672 ni gbogbo wọn, àjèjì jẹ́ 4,000,047. Ó ku nǹkan bí mílíọ̀nù 11.37.

Ní báyìí, ọdún mélòó ló wà láàárín? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé mẹ́wàá. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 1988 ni wọ́n ka ti àkọ́kọ́, ìparí 1998 ni wọ́n ka ti èkejì, nítorí náà ó lé lọ́dún mẹ́wàá ní bí oṣù mẹ́jọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní 10.7. Ẹ má fojú kéré oṣù mẹ́jọ yẹn. Bí ènìyàn bá fi ọdún mẹ́wàá gbáko ṣírò, á rí i pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ń fi 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí a bá fi 10.7 ṣe é, 3.6 ló jẹ́. Àwọn àjèjì ń fi 2.6 pọ̀ sí i. Gbogbo orílẹ̀-èdè lápapọ̀ jẹ́ 3.3.

3.6 yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Àjèjì lè tibi kan wọlé, ọkọ̀ ló ń gbé e wá. Ọmọ onílẹ̀ kì í ti òkèèrè rọ́ wá bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó pọ̀ sí i, àfi kí wọ́n bí wọn. Ní àwọn ọdún 1990, obìnrin kan ní Côte d'Ivoire ń bí ọmọ tó lé díẹ̀ ní márùn-ún, ikú sì ń mú púpọ̀ lọ. Bí a bá yọ ikú kúrò nínú ìbí, ṣàṣà ni ohun tó ṣẹ́kù fi lè ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lọ. Ẹ jẹ́ ká wá fún wọn ní 3 gbáko, ká má ṣahun, ká wo ibi tó máa gbé wọn dé:

```
7.78 × 1.03^10.7 = 10.67
```

Mílíọ̀nù 10.67 ni ìbí nìkan lè gbé wọn dé. Mílíọ̀nù 11.37 ni àtẹ kọ. Nǹkan bí 700,000 ènìyàn ló wà nínú àlàfo yẹn tí ìyá kankan kò bí láàárín ìkànìyàn méjèèjì. Níbo ni wọ́n ti wá?

Àtẹ kò sọ, ẹni tó bá ní òun mọ ọ́n dájú ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àmọ́ a lè to ohun tó ṣeé ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ó lè jẹ́ pé ìkànìyàn 1988 fo àwọn abúlé kan, tí ti 1998 sì wá kà wọ́n. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan tí wọ́n jẹ́ àjèjì ní 1988 ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀. Èyí tó sì bá ìgbà náà mu jù lójú tèmi ni pé àwọn kan yí ìdáhùn wọn padà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn bá kan ilẹ̀kùn, ohun tí o bá sọ ló ń kọ. Kì í gba ìwé ìdánimọ̀ wò kó tó fi ọ́ sí ìlà rẹ. Ní 1988, kò sí ewu nínú kí ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti Mali wá sọ pé ọmọ Mali lòun. Ní 1998, tí wọ́n ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ń béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ọkùnrin kan náà, nínú ilé kan náà, lè sọ pé ọmọ ilẹ̀ yìí lòun. Ó ti kúrò ní òpó kan bọ́ sí èkejì láìkúrò lórí àga rẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú àtẹ náà: ta ni wọ́n ń pè ní àjèjì? Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi nọ́ńbà yìí jiyàn ń rò pé ẹni tó gbé àpò kọ́ èjìká wọ ìlú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìkànìyàn 1998 kan náà, nǹkan bí 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àjèjì ló jẹ́ pé Côte d'Ivoire ni wọ́n ti bí wọn. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì tí kò ti ibi kankan wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹni tó ṣí wọlé ní láti fi àtẹ yìí sílẹ̀, kó lọ wo àtẹ mìíràn tó to ènìyàn sí ibi tí wọ́n ti bí wọn. Ìwé ìkànìyàn kan náà ló ní àwọn méjèèjì, ojú ewé ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí òṣèlú ni àwọn ènìyàn máa ń ṣí.

Òfin ló dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Òfin ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá 1961 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí Côte d'Ivoire jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àyàfi bí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ àjèjì méjèèjì. Fún ọmọ irú àwọn bẹ́ẹ̀, òfin náà fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ó lè kéde níwájú ìjọba pé òun fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ náà. Ní oṣù kejìlá 1972, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Láti ìgbà náà, ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ àjèjì á bọ́ sí òpó kẹta, ọmọ ọmọ rẹ̀ náà lè bọ́ sí i, bí àwọn àjèjì bá ń fẹ́ ara wọn nìkan. Ó wá di 2013 kí ìjọba tó ṣe òfin pàtàkì kan tó gba díẹ̀ nínú àwọn tí ilẹ̀kùn 1972 há mọ́ láyè láti kéde, fún ọdún méjì péré. Nítorí náà, apá kan nínú òpó kẹta ń dàgbà láti inú yàrá ìgbẹ̀bí tó wà ní Àbíjàn, kì í ṣe láti ẹnubodè. Bí ẹnì kan bá fi òpó yẹn jiyàn pé ká ti ẹnubodè pa, ó ti gbé oògùn àìsàn kan fún àìsàn mìíràn.

Àwa náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí, a kàn ń ṣe é láti ọ̀nà tó dùn mọ́ wa ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ẹgbẹ́ ìlú kan ní Treichville, tó fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn ní ilẹ̀, pé:

“Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá nìkan, a tó mílíọ̀nù kan ní Àbíjàn yìí?”

“Bàbá, ẹ má bínú sà, ta ló kà wá?”

“Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.”

Gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n, àtẹ kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ìlà kankan nínú ìkànìyàn Côte d'Ivoire tí wọ́n kọ Yorùbá sí. Àwọn àjèjì, orílẹ̀-èdè tí wọ́n jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi tò wọ́n: Burkina Faso, Mali, Guinea, Ghana, Benin, Nàìjíríà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè àti ẹ̀yà, àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi pín: Akan, Gur, Kru, Mandé Àríwá, Mandé Gúúsù. Nítorí náà, ọmọ Èjìgbò tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Nàìjíríà wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú Ígbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti Haúsá tó ń ta màlúù. Ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ìlà Benin, pẹ̀lú Fọ̀n àti Ègùn. Èyí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Baoulé wà nínú àwọn ọmọ onílẹ̀, a kò sì lè rí i mọ́ láéláé. A pín sí ibi mẹ́ta, kò sì sí ibì kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí orúkọ wa wà.

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìkànìyàn Ghana ti 1960, wọ́n ka ẹ̀yà, àwọn Yorùbá sì ní ìlà tiwọn: nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú nípa iye àwọn èèyàn wa tó wà ní Ghana kí ìjọba Busia tó lé wọn ní ìparí 1969. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa Àbíjàn kò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ lé.

Síbẹ̀, àtẹ tí kò lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kan lè já a ní koro. Ẹ wò ó. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin àjèjì tí wọ́n kà ní 1998, ọmọ Burkina Faso nìkan ju ìdajì lọ, ọmọ Mali sì kó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Nàìjíríà kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún, Benin náà kò tó o. 5 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù mẹ́rin jẹ́ 200,000. Bí a bá fún ìlà méjèèjì ní gbogbo 5 wọn, tí a sì ṣe bí ẹni pé kò sí Ígbò, kò sí Haúsá, kò sí Fọ̀n, kò sí Ègùn nínú wọn, 400,000 la máa ní, ìyẹn sì jẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, kì í ṣe ní Àbíjàn nìkan. Kí mílíọ̀nù kan Yorùbá tó lè wà ní Àbíjàn nígbà náà, àfi kí ó ju ìdajì wọn lọ tó fara pa mọ́ sínú àwọn ọmọ onílẹ̀, nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Kò bọ́gbọ́n mu. A kò mọ iye tí a jẹ́, ṣùgbọ́n a mọ iye tí a kò jẹ́. Irú ìṣirò yìí, tí ènìyàn ń fún ẹni tó ń bá jiyàn ní gbogbo ohun tó bá fẹ́, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tún dúró síbẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù nínú lílo àtẹ, torí kì í dá ìjà sílẹ̀ lórí nọ́ńbà kéékèèké.

Àbíjàn gan-an, kí ni a ń pè bẹ́ẹ̀? Ibi yìí ni àwọn akọ̀ròyìn ti máa ń ṣubú. Ìkànìyàn 1998 ka nǹkan bí mílíọ̀nù 2.88 sí ìlú náà. Ìkànìyàn 2021 ní nọ́ńbà méjì tó ń jẹ́ Àbíjàn: mílíọ̀nù 5.6 àti mílíọ̀nù 6.3. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó para pọ̀ di ìlú, láti Abobo títí dé Port-Bouët. Èkejì jẹ́ àgbègbè aláṣẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, tó fi Anyama, Bingerville, Songon àti Brofodoumé kún un. Bí o bá mú 2.88 láti ọ̀kan, tí o mú 6.3 láti èkejì, wàá sọ pé ìlú náà ti di ìlọ́po méjì ó lé ní ọdún mẹ́tàlélógún. O ti ka Bingerville mọ́ ọn lápá kan, o fò ó lápá kejì. Bí o bá fi mẹ́wàá wé mẹ́wàá, kò tíì tó ìlọ́po méjì géérégé. Àfikún náà ṣì pọ̀ jọjọ, kò nílò àbùmọ́.

Nínú ìlú yẹn kan náà, ẹ wo Plateau, níbi tí báńkì àti iléeṣẹ́ ìjọba wà. Ìkànìyàn 2021 ka ènìyàn tó lé díẹ̀ ní 7,000 síbẹ̀, nígbà tí Yopougon ní ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá fi àtẹ yẹn pinnu pé kò sí oníbàárà ní Plateau kò tíì gba ibẹ̀ kọjá ní agogo méjìlá ọ̀sán. Ibi tí ènìyàn ń sùn ni ìkànìyàn ń kà. Ibi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ ọ̀sán kò sí nínú rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ìlà 2014. Láti 1998 sí 2014, gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà fi nǹkan bí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Láti 2014 sí 2021, ó fò lọ sí 3.4. Ìbí kò lè yára bẹ́ẹ̀ lójijì, nígbà tí àwọn obìnrin kò bímọ tó ti àtijọ́ mọ́. Nígbà tí ìlà kan bá lọ sílẹ̀, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì ga ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rò ni pé èyí tó wà láàárín ló kéré. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 lé àwọn kan lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 2014 kan náà, ẹgbẹ́ alátakò FPI sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n ka àwọn. Ẹni tí kò ṣí ilẹ̀kùn kò sí nínú àtẹ. Àwọn ọmọlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ jù, nítorí náà bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, ìdá àwọn àjèjì ní 2014 á dà bíi pé ó ga ju bó ṣe rí lọ. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi gbé ẹrù àríyànjiyàn kankan lé ìlà yẹn nìkan.

Kí ni àtẹ náà wá lè gbè? Ó lè gbè é pé ní Côte d'Ivoire, iye àwọn tí wọ́n kà sí àjèjì ti ń ga láti 1975, pé ìdá wọn nínú gbogbo ènìyàn ga jù ní 1988, tó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìbí, èyí tó jẹ́ ti ìwé àti èyí tó jẹ́ ti ìbẹ̀rù nínú ìsọ̀kalẹ̀ náà. Kò lè gbè é pé àjèjì ń rọ́ wọlé, torí kò ka ìwọlé. Kò lè gbè é pé àwa Yorùbá pọ̀ tó báyìí. Ní ti ìjábọ̀ 1998 yẹn, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà inú rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́. Ibi tí ènìyàn lè fara dà, tó sọ pé wọ́n ti kọjá, ni kò sí nínú òpó kankan, ní ìlà kankan, nínú ìkànìyàn márààrún. Àwọn tó kọ ìjábọ̀ náà ló fi ọwọ́ ara wọn fà á.